Yours faithfully, Yours sincerely tàbí Kind regards: bí ẹ ṣe lè mú èyí tó tọ́ parí ímeèlì Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn tó ń wá síbi tí mo ti ń bá èèyàn tẹ ìwé ní Agbówó, lójúkojú géètì Yunifásítì Ìbàdàn, gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Wọ́n lè kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó gún régé. Àmọ́ tó bá ti kan ìlà tó kẹ́yìn nínú ímeèlì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú. Ẹlòmíì á kọ “Dear Mr Ajayi” sókè, á wá fi “Yours faithfully” parí ẹ̀. Ẹlòmíì á to mẹ́ta léra wọn: “Thanks in anticipation”, “Best regard”, “Your's Faithfuly”. Ẹni tó gba irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ lè má sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti rí i, pàápàá tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ akọ̀wé, tàbí iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kọ̀wé sí oníbàárà, lẹ ń wá lọ́wọ́ ẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe náà ti wá kò fara sin. Nílé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n kọ́ wa pé lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ la máa ń fi “Yours faithfully” parí, pé lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ sí bàbá, ìyá tàbí ọ̀rẹ́ la sì ń fi “Yours sincerely” parí. Láti ìgbà náà ni “sincerely” ti dà bí ọ̀rọ̀ ojúlùmọ̀ lójú ọ̀pọ̀ wa, tí ẹ̀rù fi ń bà wá láti kọ ọ́ sí ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe bí ọ̀gá ṣe tóbi tó ló ń pinnu èyí tí ẹ máa lò. Ohun tó ń pinnu ẹ̀ ni bóyá ẹ dárúkọ ẹni náà nínú ìkíni tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, tàbí ẹ ò dárúkọ ẹ̀.

Màá fi ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́bìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká sọ pé Sade Akinlabi lorúkọ ẹ̀, ó sì ń wá iṣẹ́ akọ̀wé sí iléeṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ ní orúkọ ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí lọ́wọ́, bí òun fúnra ẹ̀ ṣe ń kọ ọ́, tí ẹ bá lè rí i. Ẹ mọ oyè tó ń lò, bóyá Mr, Mrs, Ms, Dr tàbí Prof. Ẹ mọ orílẹ̀-èdè tó wà. Tó bá ti kọ̀wé sí yín rí, ẹ ṣí ímeèlì tó kọ kẹ́yìn sílẹ̀. Paríparí ẹ̀, ẹ rí i pé ẹ lè wọ Gmail yín láti orí kọ̀ǹpútà, nítorí ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn rọrùn níbẹ̀ ju orí fóònù lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá orúkọ náà

Ẹ wo ìpolówó iṣẹ́ náà tinútẹ̀yìn. Tí orúkọ kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo ojú ìwé iléeṣẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí nọ́ńbà fóònù bá wà, ẹ pè, kí ẹ béèrè pé ta lẹ máa kọ lẹ́tà sí. Kò sí ẹni tó máa bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá wá a títí tí ẹ ò rí i, kò burú. “Dear Sir/Madam” wà fún irú àkókò yẹn gan-an.

Tí ẹ bá rí orúkọ, ẹ má tíì sáré kọ ọ́, torí ohun méjì ló máa ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà níbí. Èkíní ni orúkọ ìdílé. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ ìdílé ló sábà máa ń ṣáájú nínú ìwé ìjọba àti nínú fọ́ọ̀mù, bíi “AJAYI Taiwo Samuel”. Ẹni tí kò bá fiyè sí i á kọ “Dear Mr Samuel”, torí pé Samuel ló rí lẹ́yìn. Ajayi ló yẹ kó tẹ̀lé “Mr”. Tí wọ́n bá kọ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ náà ní lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀, òun ló sábà máa ń jẹ́ orúkọ ìdílé.

Èkejì ni pé orúkọ Yorùbá kì í sábà sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Táíwò, Bọ́lá, Ayọ̀délé, Olúwáṣeun, kò sí èyí tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí níbẹ̀. Ẹ má méfò. Ẹ kọ orúkọ náà lódindi láìfi oyè kankan sí i: “Dear Taiwo Ajayi”. Ó lè dà bíi pé ó ti le jù lẹ́nu ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹ pe ìyá ọlọ́mọ ní “Mr” lọ.

Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún wa láti dárúkọ ẹni tó jù wá lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ “Dear Sir Ajayi” tàbí “Dear Mr Ajayi sir”. Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. “Sir” tí orúkọ tẹ̀lé jẹ́ oyè tí ọba tàbí ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi èèyàn jẹ, orúkọ àbísọ ló sì máa ń tẹ̀lé e, kì í ṣe orúkọ ìdílé. Ọ̀wọ̀ tí ẹ ń wá ti wà nínú “Mr” yẹn, tàbí nínú “Dr” àti “Prof” tó bá jẹ́ olùkọ́ yunifásítì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé ẹ lè nàka sí ibi tí ẹ ti rí orúkọ náà, kí sípẹ́lì ẹ̀ sì bá tiyín mu lẹ́tà kọ̀ọ̀kan? Tó bá jẹ́ pé àgbọ́sọ ni, ẹ padà lọ wá a.

Sade wá orúkọ, kò rí. Ìpolówó náà kàn ní kí wọ́n kọ̀wé sí àdírẹ́sì ímeèlì iléeṣẹ́ ni.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ so ìparí mọ́ ìkíni

Níbi tí ẹ ò bá ti dárúkọ èèyàn, ìyẹn “Dear Sir”, “Dear Madam” tàbí “Dear Sir/Madam”, “Yours faithfully” ló máa parí ẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti dárúkọ, ìyẹn “Dear Mr Ajayi”, “Dear Prof Ajayi” tàbí “Dear Taiwo Ajayi”, “Yours sincerely” ni. Gómìnà ni o, ọ̀gá báńkì ni o, tí orúkọ ẹ̀ bá ti wà lókè, “sincerely” ló wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ dà bí ẹni tó kí àgbàlagbà ní “ẹ káàárọ̀ mà” tó wá ń lọ, tó ní “ó dàbọ̀ o, màá rí ẹ”. Gbólóhùn méjèèjì ló dára láyè ara wọn, àmọ́ wọn ò bára wọn gbé.

“Dear Hiring Manager” ńkọ́? Orúkọ ipò nìyẹn, kì í ṣe orúkọ èèyàn, nítorí náà “Yours faithfully” ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ mọ orúkọ àgbàlagbà kan ṣùgbọ́n tí ọkàn yín kò gbà kí ẹ kọ ọ́, ẹ lè kọ “Dear Sir”. Kò sí ẹni tó máa dá yín lẹ́bi ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni pé “faithfully” ló máa bá a lọ nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ mọ orúkọ ẹ̀.

“Kind regards” kò bèèrè bóyá ẹ dárúkọ tàbí ẹ ò dárúkọ. Ó bá méjèèjì lọ, “Best regards” náà sì rí bẹ́ẹ̀. Òun ló yẹ ímeèlì ojoojúmọ́ láàárín iléeṣẹ́ sí iléeṣẹ́, òun ló sì yẹ ímeèlì tí ẹ bá fi “Good morning, sir” bẹ̀rẹ̀ dípò “Dear”. “Regards” nìkan máa ń tutù lójú ẹni tó ń kà á, bíi pé inú yín ò dùn sí i. Mi ò ní kí ẹ lò ó fún ẹni tí ẹ ń wá ojú rere ẹ̀. “Warm regards” wà fún ẹni tí ẹ ti mọ̀ dáadáa. Tí mo bá ní láti gba èèyàn nímọ̀ràn lórí ímeèlì ìwáṣẹ́ àkọ́kọ́, tàbí èyí tó ń lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì ní Agódi, màá ní kó dúró lórí “faithfully” àti “sincerely”. Àwọn tó máa kà á níbẹ̀ ṣì ń wò ó.

Ìkìlọ̀ kan wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ̀wé sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Òfin “faithfully” àti “sincerely” yìí, ti Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Bìrìtìkó ni, òun la sì ń lò ní Nàìjíríà. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í sábà lo “Yours faithfully” rárá. “Sincerely” nìkan, tí kọ́mà tẹ̀lé, ni wọ́n máa ń kọ, yálà wọ́n dárúkọ tàbí wọn ò dárúkọ. “Best regards” náà wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi ọwọ́ bo gbogbo àárín ímeèlì náà, kí ẹ ka ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà ìparí nìkan. Tí orúkọ bá wà lókè, tí “faithfully” sì wà nísàlẹ̀, ẹ tún un ṣe. Tó bá jẹ́ “Sir” nìkan ló wà lókè, tí “sincerely” sì wà nísàlẹ̀, ẹ tún ìyẹn náà ṣe.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa

Sípẹ́lì ni ká kọ́kọ́ mú. “Yours” ní s lẹ́yìn, kò sì sí àmì kankan láàárín r àti s. “Your's” kò tọ̀nà níbikíbi. “Your faithfully” náà kò tọ̀nà. “Faithfully” ní l méjì lápá ìparí. “Sincerely” ní e lẹ́yìn r, kí ẹ má kọ “sincerly”. “Regards” gbọ́dọ̀ ní s. “Kind regard” àti “Best regard” ni mo máa ń rí jù, fóònù kì í sì í fa ìlà pupa sí wọn lábẹ́, nítorí pé “regard” fúnra ẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà. Ojú yín ló máa mú un.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló ń gba lẹ́tà ńlá: “Yours faithfully”, “Kind regards”. Ẹ má kọ “Yours Faithfully”. Kọ́mà ló ń tẹ̀lé e, kì í ṣe ìdánudúró. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tí kì í fi kọ́mà sí ẹ̀yìn ìkíni, tí wọn kì í sì í fi sí ẹ̀yìn ìparí. Ìyẹn náà dára. Ohun tí kò dára ni kí ó wà lókè kó má sí nísàlẹ̀.

Gbólóhùn tó ṣáájú ìparí ló tún máa ń ba nǹkan jẹ́. “Thanks in anticipation” gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ṣe ló dà bíi pé ẹ ti pinnu fún ẹni náà pé ó máa ṣe ohun tí ẹ bèèrè. Ẹ fi “I look forward to hearing from you.” rọ́pò ẹ̀. Ẹ fojú sí “hearing” yẹn dáadáa. “I look forward to hear from you” ni ọ̀pọ̀ ń kọ, kò sì tọ̀nà. Gbólóhùn tó dá dúró ni, nítorí náà ìdánudúró ló máa parí ẹ̀, ẹ ó wá fo ìlà kan kí ìparí tó bẹ̀rẹ̀ lápá òsì.

Ìparí kan ṣoṣo ni ímeèlì kan ń gbà. Tí ẹ bá ti kọ “Kind regards”, ẹ má tún fi “Yours faithfully” lé e lórí. Orúkọ yín ló tẹ̀lé e, kí ó jẹ́ orúkọ àti orúkọ ìdílé, kí ẹ má kọ orúkọ ìnagijẹ. Bí ímeèlì Sade ṣe parí nìyí, lẹ́yìn tó ti fi “Dear Sir/Madam,” bẹ̀rẹ̀:

```
I look forward to hearing from you.

Yours faithfully,

Sade Akinlabi
```

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka ìparí náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ fo àṣìṣe nígbà tí ẹ bá kà á bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ìparí tó wà níbẹ̀. Tó bá lé ní ẹyọ kan, ẹ yọ ìyókù.

Ìgbésẹ̀ 4: Nígbà tí èsì bá dé

Ibí ni àwọn tó ti ṣe ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dáadáa ti máa ń kọsẹ̀, nítorí wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n á ṣe máa bá a lọ. Ẹ wo èsì tí Sade rí gbà:

```
Dear Sade,

Thank you for your email. Please come for an interview
on Tuesday at 10 a.m.

Kind regards,
Taiwo Ajayi (Mrs)
```

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju déètì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ. Orúkọ ti wà nílẹ̀ báyìí, “Mrs” tó sì wà lẹ́yìn ẹ̀ ti sọ fún Sade pé obìnrin ni, pé oyè tó fẹ́ kí wọ́n fi pe òun sì nìyẹn. Tí Sade bá tún kọ “Dear Sir/Madam” padà, ṣe ló máa dà bíi pé kò ka èsì náà délẹ̀. Nítorí náà, “Dear Mrs Ajayi” ni. Torí pé orúkọ ti wọ ibẹ̀, “Yours faithfully” ti kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ó kù kó yan láàárín “Yours sincerely” àti “Kind regards”.

“Kind regards” ni èmi máa mú. Ìyá yẹn ló kọ́kọ́ lò ó, ẹni tó wà nípò gíga ló sì máa ń fi bí wọ́n á ṣe máa kọ̀wé síra wọn lélẹ̀. “Yours sincerely” kò lè jẹ́ àṣìṣe, ó kàn nípọn ju ohun tí òun fúnra ẹ̀ kọ lọ díẹ̀. Ohun tí Sade kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kó sọ̀kalẹ̀ ju ìyá náà lọ, bíi kó parí ẹ̀ pẹ̀lú “Cheers” tàbí “Thanks” lásán.

Ìkíni ńkọ́? Ìyá náà kọ “Dear Sade”, ṣé Sade náà lè kọ “Dear Taiwo”? Ní Ìbàdàn, rárá o. Ó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìparí, àmọ́ kò lè dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀ nínú orúkọ pípè. Ọ̀rọ̀ máa yàtọ̀ tó bá jẹ́ pé ará Bìrìtìkó tàbí ará Amẹ́ríkà ni, tó sì fi orúkọ àbísọ ẹ̀ nìkan parí ímeèlì, bíi “Kind regards, James”. Lọ́dọ̀ tiwọn, àyè tí ó fi sílẹ̀ fún yín láti pè é ní James nìyẹn, tí ẹ bá sì tún ń pè é ní “Dear Sir” lẹ́yìn ìyẹn, ó lè rò pé ẹ fẹ́ jìnnà sí òun. Sade wá kọ ọ́ báyìí:

```
Dear Mrs Ajayi,

Thank you for your reply. I will be there on Tuesday
at 10 a.m.

Kind regards,

Sade Akinlabi
```

Tí ímeèlì bá ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ọjọ́ kan náà, bíi pé ìyá náà tún béèrè pé ṣé ó máa mú ìwé ẹ̀rí wá, tí kò sì fi ìparí kankan sí i, Sade lè dáhùn ní gbólóhùn kan kó sì fi orúkọ ẹ̀ nìkan sí i. Kí ó ṣáà má jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ yọ ìparí kúrò. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, tí ọ̀rọ̀ tuntun dé, ìkíni àti ìparí máa padà sáyè wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi ìparí tiyín wéra pẹ̀lú èyí tí ẹni náà kọ sí yín kẹ́yìn. Tí tiyín bá nípọn tó tiẹ̀, tàbí tó fi díẹ̀ nípọn jù ú lọ, ẹ lè fi ránṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yọ ìparí tó ń fúnra ẹ̀ jáde

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kọ “Best regards” sínú àkọsílẹ̀ tí Gmail máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ímeèlì fúnra ẹ̀. Wọ́n á wá fọwọ́ ara wọn kọ “Yours faithfully”, Gmail á sì fi “Best regards” tiẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀. Ẹni tó gbà á á rí méjèèjì, pẹ̀lú orúkọ yín lẹ́ẹ̀mejì.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àwòrán jíà tó wà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ tẹ “See all settings”. Ní abẹ́ “General”, ẹ lọ sísàlẹ̀ títí dé “Signature”. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ìparí èyíkéyìí tó bá wà níbẹ̀, kí ẹ fi orúkọ, iṣẹ́ àti nọ́ńbà fóònù yín nìkan sílẹ̀. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìtẹ “Save Changes” nísàlẹ̀ pátápátá, torí tí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tó yí padà. Tó bá jẹ́ fóònù Android lẹ ń lò, tiẹ̀ dá wà lọ́tọ̀: ẹ lọ sí “Settings” nínú Gmail, ẹ mú àkáǹtì yín, kí ẹ wá “Mobile signature”. Títún ti orí kọ̀ǹpútà ṣe kò tún ti fóònù ṣe.

Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ jù ni ti èsì. Nígbà tí ẹ bá ń fèsì lórí kọ̀ǹpútà, Gmail lè fi àkọsílẹ̀ yín pamọ́ sábẹ́ àmì mẹ́ta kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ àpótí ìkọ̀wé, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ̀wé sí yín. Ẹ ò ní rí i, ṣùgbọ́n ó ń bá ímeèlì náà lọ. Ẹ tẹ àmì náà kí ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi ímeèlì kan ránṣẹ́ sí ara yín láti orí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún fi òmíràn ránṣẹ́ láti orí fóònù, kí ẹ sì fèsì sí ọ̀kan nínú wọn. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìparí kan ṣoṣo, tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ, ló yẹ kí ẹ rí.

Tó bá ti lọ ńkọ́?

Tí ẹ bá ṣàkíyèsí lẹ́yìn tí ẹ ti fi ránṣẹ́ pé “faithfully” lẹ fi parí “Dear Mrs Ajayi”, ẹ má kọ ímeèlì míì láti tọrọ àforíjì. Ẹni tí kò rí i tẹ́lẹ̀ á wá rí i. Ẹ kọ èyí tó kàn dáadáa. Orúkọ tí ẹ ṣì kọ nìkan ni mo lè ní kí ẹ tọrọ àforíjì fún, gbólóhùn kan ṣoṣo sì tó, nígbà tí ẹ bá tún ń kọ̀wé sí i: “I apologise for misspelling your name in my last email.”